Àtàǹpàkò Motúnráyọ̀

Ìbọ̀wọ́ tutù lọ́wọ́ mi bí omi àmù, inú mi dùn, mo sì ń kọrin.

“Ìbọ̀wọ́ ńkọ́?” Olùṣọ́, ẹ̀rọ ilé, bi mí láti ara ògiri. Ohùn ọkùnrin ni wọ́n fi sí i nínú ilé yìí, ohùn ẹni tí kò jẹun yó rí.

“Ó tutù. Kò gbóná rárá láti ìgbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Bàbá kò jẹ̀rora.”

“Mo ti gbọ́. Ẹ yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì.”

“Mo ti fẹ́ yí wọn kí o tó sọ̀rọ̀. Àbí ìwọ lo máa kọ́ mi ni?”

Kò dáhùn. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Olùṣọ́ nìyẹn: ó mọ oògùn, ó mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n kò mọ ìjà. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jà á kàn máa dá sọ̀rọ̀ ni.

Mo di aṣọ tí Bàbá Ọlátẹ̀jú sùn lé mú, mo fi fà wọ́n mọ́ra, mo yí wọn jẹ́jẹ́. Mo fi ìrọ̀rí gbè wọ́n lẹ́yìn, mo ki kékeré kan sáàárín orúnkún wọn méjèèjì kí egungun má baà máa lọ egungun. Mo gbé ibi orí bẹ́ẹ̀dì sókè díẹ̀. Ọkọ̀ kan ń kọjá lórí omi nísàlẹ̀, ilé mì tìtì, ó tún dúró. Orí pẹpẹ ni gbogbo ilé wà ní àdúgbò wa, lórí omi tó ti gba ìlú àtijọ́, Bàbá yìí ló sì kan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn pẹpẹ náà nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì le. Àwọn ni wọ́n tún kan eléyìí tí bẹ́ẹ̀dì wọn wà lórí rẹ̀.

Wọn ò jẹun mọ́, wọn ò mu mọ́. Ẹsẹ̀ wọn ti tutù, àmì àlùkò sì ti ń yọ ní orúnkún wọn kárí, ó rí bí ìgbà tí aró bá ta sí aṣọ. Èémí wọn ti yí padà. Wọ́n á mí fẹ́ẹ́rẹ́, á máa jìn sí i, á máa jìn sí i, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, á wá dúró pátápátá. Màá máa wo àyà wọn. Nígbà tó bá yá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan. Ọ̀fun wọn sì ń dún hòrò hòrò bí ìkòkò tó ń hó. Gbogbo èyí kì í ṣe tuntun sí mi. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Iṣẹ́ yìí ni òfin fi sílẹ̀ fún àwa àgbà obìnrin nígbà tí ẹ̀rọ gba ìyókù: ẹ̀rọ á fún abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni kó wà lára ẹni tó ń lọ. Èmi tí n kò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta, wọ́n ń pè mí ní nọ́ọ̀sì. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó.

Mo máa ń hun orin kan fún olúkúlùkù wọn. Ti Bàbá nìyí, mo fi oríkì wọn sí i:

*Omi ń lọ, omi kì í wẹ̀yìn,*
*Ẹni tó bá omi lọ kì í sáré.*
*Rọra wà á o, Àjàmú, rọra wà á,*
*Èbúté ò jìnnà sí ẹni tó ń rọra.*

Ó dùn lẹ́nu mi, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ di ọwọ́ Bàbá mú, mo fi ìkejì na atẹ́gùn, mo mi ìdí díẹ̀. Mo rò pé èmi àti Bàbá nìkan la wà níbẹ̀.

“Màmá, kí lẹ ń ṣe?”

Obìnrin kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà rẹ̀ rin gbingbin, àpò ìrìn-àjò ṣì wà léjìká rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kó tó sọ orúkọ, nítorí iwájú orí Bàbá gẹ́lẹ́ ló gbé wá. Motúnráyọ̀ ni, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń gbé lókè, níbi tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Ó ti tó ọmọ àádọ́ta ọdún.

“Káàbọ̀, ọmọ mi,” mo ní. “Ṣé o rìn dáadáa? Bàbá wà níbí, ara wọn balẹ̀.”

Kò wo ojú mi. Ọ̀fun Bàbá ló ń gbọ́.

“Bàbá mi ń rì lójú yín,” ó ní, “ẹ sì ń jó.”

“Wọn ò rì. Wo ìbọ̀wọ́, ó tutù.” Mo na ọwọ́ sí i bí ọmọdé tó ń fi hàn pé òun ti fọwọ́. “Bí wọ́n bá ń jẹ̀rora, mi ò ní lè fara da gbígbóná rẹ̀.”

“Ohùn yẹn ńkọ́?”

“Itọ́ ni. Ó ti rẹ̀ wọ́n jù láti gbé e mì tàbí láti wúkọ́, ó wá dúró sí ọ̀fun, èémí ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ń dún ni, kò dùn wọ́n.”

“Ẹ fà á jáde, nígbà náà.”

“Ó ti wọlẹ̀ jù. Bí mo bá ki ọ̀pá bọ ibẹ̀, á bó wọn lọ́fun, wọ́n á máa fẹ́ẹ́ bì, òmíràn á sì tún sun. Oògùn tó ń gbẹ ẹ́ wà nínú abẹ́rẹ́ tó wà láyà wọn yẹn. Kì í lé èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó pọ̀ sí i.”

“Ètè wọn ti bó. Ẹ fún wọn lómi mu.”

“Wọn ò lè gbé e mì. Ẹ̀dọ̀fóró ni á gbà lọ.”

Gbogbo èsì tí mo fún un ló tọ̀nà, kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ni mo ń tì mọ́ ọn lójú, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, orin sì ṣì wà lára mi. Ọwọ́ Bàbá ni ìbọ̀wọ́ wà. Kò sí èyí tí mo fi kan ọmọ wọn.

Ó ju àpò sílẹ̀. Ó lọ síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí wàláà dúdú wà, èyí tó wà lára gbogbo bẹ́ẹ̀dì àgbà láti ìgbà tí òfin ti jáde. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ẹsẹ̀ mi ni kò yá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

“A ti gba àtàǹpàkò ọmọ,” Olùṣọ́ wí. “Ọkọ̀ Ilé-Èémí ti gbéra.”

Mo jókòó sórí àpótí. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Bí Bàbá bá lè sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn á borí àtàǹpàkò, ṣùgbọ́n ẹni tí ohùn rẹ̀ ti lọ, ọmọ rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ lójú òfin.

“Wọ́n á fún wọn ní èémí,” Motúnráyọ̀ ní.

“Wọ́n á fún wọn.”

“Ara wọn á wá yá.”

Mo ń tún etí aṣọ Bàbá ṣe.

“Màmá, mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ara wọn á yá?”

“Àbúrò mi obìnrin wà ní Ilé-Èémí yẹn,” mo ní. “Ẹ̀rọ ló ń mí fún un. Irun rẹ̀ ń hù, wọ́n ń gé e. Èékánná rẹ̀ ń hù, wọ́n ń gé e. Mo máa ń lọ kí i ní ọdọọdún. Òfin ní ẹ̀rọ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí fún ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ náà. Ní ọdún tó kọjá, mi ò rí àyè jókòó tì í, wọ́n ti to àwọn míì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Ó wo Bàbá, ó wò mí. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ èsì.

“Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan? Nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀?”

“Wọ́n ní kí a má gbé àwọn kúrò lórí omi. Wọ́n ní orí pẹpẹ tí àwọn kàn ni kí àwọn kú sí.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi kí n tó tẹ̀ ẹ́?”

“Ìbọ̀wọ́ ni mò ń fi hàn ọ́,” mo ní.

Ó yíjú sí ògiri. “Olùṣọ́, mo ti yí ọkàn padà. Ẹ dá ọkọ̀ náà padà.”

“Àtàǹpàkò kì í padà.”

“Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ni mo sọ pé n kò ṣe mọ́.”

“Àtàǹpàkò kì í padà,” ó tún wí, ohùn kan náà.

“Má bá a jà,” mo ní. “Nígbà kan rí, ó ń padà. Àkọ́bí á tẹ̀ ẹ́, àbíkẹ́yìn á fagi lé e, ọkọ̀ á máa yípo lójú ọ̀run títí aláìsàn á fi kú sínú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣòfin nìyẹn. Àwọn tó ṣe é rò pé àánú ni.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Èémí Bàbá dúró. Ó gbójú sókè. Èémí tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀fun tún dún hòrò, mo sì rí i bí ara obìnrin náà ṣe súnkì. Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

“Ọmọ mi, báwo ni ohùn yẹn ṣe rí létí rẹ?”

Ó fi ọwọ́ kan irun orí rẹ̀.

“Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo já sáàárín pẹpẹ méjì. Bàbá ni wọ́n bẹ́ sí omi, wọ́n fi irun orí fà mí jáde. Wọ́n dojú mi délẹ̀ sórí itan wọn. Bí ọ̀fun mi ṣe ń dún nìyẹn. Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì máa ń gbọ́ ọ bí mo bá sùn.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Mo kàn fẹ́ fa àwọn náà jáde ni.”

Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, mo jókòó sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúnkún mi dún ju ọ̀fun Bàbá lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

“Màmá,” ó ní lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “oògùn tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, ṣé ẹ lè fún wọn sí i? Kí wọ́n lè ti lọ kí ọkọ̀ tó dé?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: èmi náà ti rò ó. Ààyè wà fún mi láti fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ara ògiri, kí Olùṣọ́ fún wọn ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìbọ̀wọ́ bá gbóná nìkan ni. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ Bàbá, mo fẹ́ kó gbóná. Mo fẹ́ kí àgbàlagbà jẹ̀rora, kí n lè rí ìdí. Ó tutù.

“Rárá,” mo ní. “Oògùn ìrora ni. Kò sí ìrora. Bí mo bá fi lé wọn lọ, irú ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi di ẹlòmíràn mú lọ́la?”

“Kò sí ohun tí a lè ṣe, nígbà náà.”

“Ohun díẹ̀ wà. Kò lè dá ọkọ̀ dúró.”

Mo fún un ní tìmùtìmù kékeré tó wà lórí igi, èyí tí kò ju orí ìka lọ. Mo ní kó rì í bọ omi, kó fún un, kó fi pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn àti orí ahọ́n wọn, kó má jẹ́ kí omi ṣàn lọ sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ le. Nígbà tó yá, ó rọ̀. Ètè Bàbá mú tìmùtìmù náà díẹ̀, bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mú ọmú, Motúnráyọ̀ sì wò mí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Mo bu òrí sí ìka rẹ̀, ó fi pa ètè wọn. Ó fẹ́ kó aṣọ bò wọ́n lẹ́sẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ tutù, mo ní kó fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó, nítorí Bàbá kò mọ òtútù náà mọ́, ẹrù ni aṣọ púpọ̀ á jẹ́ fún wọn.

“Bá wọn sọ̀rọ̀,” mo ní. “Wọ́n ní etí ló máa ń kẹ́yìn lọ.”

“Kí ni kí n sọ? Kí n ní kí wọ́n yára?”

“N kò mọ̀.”

Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí Bàbá. Mo fẹ́ jáde, ó fà mí láṣọ.

“Bàbá,” ó ní. “Èmi Àwẹ̀ró yín ti dé. Mo pẹ́, ẹ má bínú. Mo ti pe àwọn tí ẹ ò fẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí.” Èémí wọn ń jìn, ó ń jìn, ó ń fúyẹ́. “Bí ẹ bá fẹ́ máa lọ, ẹ máa lọ. Ẹ má dúró dè mí. Mo ti gbẹ, Bàbá. Mo ti jáde nínú omi, ara mi ti gbẹ.”

Èémí dúró. Àwa méjèèjì ń wo àyà wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún ìkejì ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún. Ọ̀fun dún. Wọ́n tún mí. Motúnráyọ̀ bú sẹ́kún, n kò sì mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ìbànújẹ́. Ó dá mi lójú pé òun náà kò mọ̀.

A gbọ́ ọkọ̀ lórí òrùlé. Gbogbo pẹpẹ gbọ̀n. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, Gbénró ni. Mo ti bá a pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé bíi mélòó kan. Ó dúró síta, kò tíì wọlé.

“Màmá Olórin,” ó ní. “Ẹ̀yin náà tún ni.”

“Èmi tún ni. Ìwọ náà, ṣé o ò tíì rí iṣẹ́ mìíràn?”

“Ẹ wá iṣẹ́ fún mi, màá ṣe é.” Ó rí Motúnráyọ̀, ó bọ́ fìlà. “Ẹ pẹ̀lẹ́, màdáámù. Èémí ńkọ́?”

Ìbéèrè òfin nìyẹn. Bí ẹni tó ń lọ bá ṣì ń mí nígbà tí ẹsẹ̀ Gbénró bá wọ inú ilé, á gbé e. Bí èémí bá ti tán kó tó wọlé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án. Ẹnu nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì máa ń gbà á.

Mo wo Bàbá. Àyà wọn kò mì. Ṣùgbọ́n ó ti dúró bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì tún mí. Mo lè sọ pé ó ti tán, kò sì ní jẹ́ irọ́ lójú ẹni tó ń wò. Ojú Motúnráyọ̀ wà lára mi bí ẹrù.

“Ó dúró,” mo ní. “N kò mọ̀ bóyá ó máa padà. Ó ti ń dúró, ó sì ń padà.”

Gbénró gbá ìka mọ́ dígí kékeré tó wà níwájú orí rẹ̀. “Kì í ṣe ojú tèmi nìkan ló ń wò, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀,” ó ní jẹ́jẹ́. Ó na àwo pẹlẹbẹ kan sí mi láti ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. “Ẹ gbé e lé àyà wọn. Bí ẹnu ò bá mọ̀, ọkàn ni òfin ń wò: iná funfun, mò ń wọlé. Bí ó bá kú, mò ń lọ.”

Mo gbé e lé e. Iná funfun náà tàn, ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú. Ọkàn ṣì ń lù nísàlẹ̀ níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Gbénró gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì dá a dúró lókè ìloro. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń yẹ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ wò bóyá ó dọ̀tí. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Motúnráyọ̀ di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tí kò sí ìbọ̀wọ́. Kò sí ẹni tó mí nínú ilé náà.

Iná náà ṣẹ́jú. Ó pẹ́ kó tó tún ṣẹ́jú. Kò tàn mọ́.

Gbénró gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ síta. “Ẹ kú ìdúró,” ó ní, ó sì gòkè lọ. A gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbéra lófìfo.

“Inú mi dùn,” Motúnráyọ̀ ní. Ó ṣì di ọwọ́ mi mú. “Nígbà tí iná yẹn kú, Màmá, inú mi dùn. Bàbá mi ló kú, inú mi sì dùn. Irú ọmọ wo ni mí?”

Mo jókòó tì í títí ọwọ́ rẹ̀ fi dẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo ní kó lọ bu omi wá, kí a wẹ Bàbá kí ara wọn tó le.

Ó gbé àwo wá láti ilé ìdáná. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ká aṣọ apá rẹ̀ sókè, ó sì ri ìgunpá bọ inú omi náà, bí a ṣe ń ṣe kí a tó wẹ ọmọ tuntun. Ó dúró díẹ̀, ó mi orí, ó gbé àwo náà padà lọ bu omi tútù lé e.